Bí a ṣe ń ka ìwé àlàyé fọ́ǹdù halal: nọ́ńbà ńlá tó wà lókè kọ́ ni ká kọ́kọ́ wò

Láàárín ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn fọ́ǹdù tí kò ní èlé nínú ti pọ̀ sí i ní Nàìjíríà. Ilé-iṣẹ́ Lotus Capital ti wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí láti 2004, Stanbic IBTC náà ní èyí tí wọ́n ń pè ní Imaan Fund, àwọn mìíràn sì wà. Fọ́ǹdù ni àpò kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn da owó wọn pọ̀ sí, tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń fi ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́, súkúkù ìjọba àti àwọn nǹkan mìíràn lórúkọ gbogbo wọn. Nísinsìnyí ìwé àlàyé àwọn fọ́ǹdù wọ̀nyí ti ń dé orí fóònù wa ní Adigbe. Ọmọ ìyá kan á fi ránṣẹ́ sí àwọn ará lórí Wasáàpù, á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wo èrè ọdún kan!"

Ìwé náà kì í ju ojú-ewé kan tàbí méjì lọ. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí oṣooṣù ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ jáde, "Fund Fact Sheet" ni wọ́n sì máa ń kọ sí orí rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ gàdàgbà jù lọ nínú rẹ̀ ni èrè tí fọ́ǹdù náà ti jẹ. A fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí nọ́ńbà yẹn fi yẹ kó jẹ́ èyí tí a máa kà kẹ́yìn, àti àwọn ìlà méjì tó yẹ ká kà ṣáájú rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, tó sì ń gbé Adigbe, ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti kó ₦400,000 jọ. Ọmọ rẹ̀ yóò wọ yunifásítì ní ọdún mẹ́ta sí i, owó yìí ló sì fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé méjì wà níwájú rẹ̀, méjèèjì jẹ́ ti ìparí 2024. Àwa la ṣe ìwé méjèèjì fún ìṣirò, wọn kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kankan. Fọ́ǹdù Kìíní sọ pé òun jẹ èrè 41% lọ́dún náà. Fọ́ǹdù Kejì sọ pé 14% ni òun jẹ. Tó bá jẹ́ pé òkè ìwé nìkan ni ìyá yìí kà, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, Kìíní ni yóò mú.

Kó kọ́kọ́ wá ìlà tí wọ́n kọ "Expense Ratio" tàbí "Total Expense Ratio" sí. Lẹ́tà rẹ̀ máa ń kéré, ó sì sábà máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n dá fọ́ǹdù sílẹ̀. Ohun tó ń sọ ni iye tí iṣẹ́ títọ́jú àpò náà ń jẹ nínú àpò náà fúnra rẹ̀ lọ́dún kan. Owó àwọn tó ń darí fọ́ǹdù ló máa ń tóbi jù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni ilé-iṣẹ́ alámòójútó tó ń ṣọ́ wọn nítorí àwa tí a ni owó, ilé ìfowópamọ́ tó ń tọ́jú ìwé dúkìá, àwọn aṣírò-owó tó ń yẹ ìwé wò, àti ní ti fọ́ǹdù halal, àwọn onímọ̀ Sharia tó ń yẹ ohun tí wọ́n rà wò.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀ kò le. Ká ní gbogbo owó inú Fọ́ǹdù Kìíní jẹ́ bílíọ̀nù méjì náírà, tí ìnáwó ọdún kan sì jẹ́ mílíọ̀nù àádọ́ta. Tí a bá pín mílíọ̀nù àádọ́ta sí bílíọ̀nù méjì, ó jẹ́ 2.5%. Ìyẹn ni pé nínú ₦400,000 ìyá yìí, nǹkan bí ₦10,000 ń lọ lọ́dọọdún. Ẹnikẹ́ni kò ní fi ìwé owó ránṣẹ́ sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń yọ ọ́ kúrò nínú àpò lójoojúmọ́, kí wọ́n tó kéde iye tí yúnìtì kan jẹ́. Nítorí náà 41% tó wà lókè ìwé sábà máa ń jẹ́ ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ìnáwó, ẹ má tún yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọdún tí ọjà bá ṣubú, tí kò sí èrè kankan, ₦10,000 yẹn ṣì ń lọ. Èrè lè wá, ó sì lè má wá, ìnáwó kì í pa ọjọ́ jẹ.

Ká ní Fọ́ǹdù Kejì ní tirẹ̀ ń ná 1.25%. Àwọn kan á ní kí ni ìyàtọ̀ ìdá kan àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ jẹ́ ká fi owó kan náà sí ọwọ́ alábòójútó méjì tí ọgbọ́n wọn dọ́gba, tí owó ọwọ́ àwọn méjèèjì ń mú 15% wá lọ́dún kí wọ́n tó yọ ìnáwó. Èyí tó ń ná 2.5% yóò fi 12.5% sílẹ̀ fún wa. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ₦400,000 yóò di nǹkan bí ₦1,299,000. Èyí tó ń ná 1.25% yóò fi 13.75% sílẹ̀, owó náà yóò sì di nǹkan bí ₦1,451,000. Ìyàtọ̀ wọn lé ní ₦150,000, ó ju ìdá mẹ́ta owó tí a fi bẹ̀rẹ̀ lọ. Ìdí ni pé owó tí wọ́n yọ lọ́dún kìíní kò sí níbẹ̀ mọ́ láti bí ọmọ lọ́dún kejì.

Ìlà yìí ní ibi tí ó ń fi nǹkan pamọ́ sí. Àwọn fọ́ǹdù kan ń gba owó ìdánilọ́lá nígbà tí èrè bá kọjá iye kan, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n má kà á mọ́ ìnáwó tó wà nínú ìlà náà. Owó tí wọ́n ń san fún alágbàtà nígbà tí wọ́n bá ń ra ìpín tàbí tà á kì í sábà sí nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìbéèrè tó yẹ ká fi ránṣẹ́ sí wọn ni pé, "Ṣé gbogbo owó tí ẹ ń gbà ló wà nínú nọ́ńbà yìí?" Àwa kò ní fi owó sí ibi tí wọn kò ti lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn. Kí ẹ sì mọ̀ pé fọ́ǹdù kékeré sábà máa ń ná ju ńlá lọ. Owó aṣírò-owó àti owó àwọn onímọ̀ kò dín kù nítorí pé àpò kéré, nítorí náà ìnáwó tó ga díẹ̀ nínú fọ́ǹdù tuntun kì í ṣe ẹ̀rí pé olè ni wọ́n. Èyí tí ó yẹ kó kọ wá lóminú ni fọ́ǹdù tó ti dàgbà, tí owó inú rẹ̀ ti di ìlọ́po mélòó kan, tí ìnáwó rẹ̀ kò sì dín kù rárá.

Lẹ́yìn ìnáwó, ó kan ibi tí wọ́n kọ "Top Holdings" sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ka nǹkan márùn-ún tàbí mẹ́wàá tí owó fọ́ǹdù wà nínú wọn jù lọ, pẹ̀lú ìdá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń wo orúkọ wọn láti mọ̀ bóyá ilé ọtí tàbí báńkì elélèé wà níbẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ nìkan kọ́ ni iṣẹ́ wà. Nígbà tí a bá ti yọ báńkì elélèé, ilé ọtí, iléeṣẹ́ adójútòfò àtàwọn tó jẹ gbèsè èlé jù kúrò, ilé-iṣẹ́ ńlá tó ṣẹ́kù ní ọjà ìpín Èkó kò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí fọ́ǹdù halal tó ń ra ìpín fi máa ń kó owó jọ sí ibi díẹ̀.

Nínú ìwé Fọ́ǹdù Kìíní tí a fi ń ṣe àpẹẹrẹ, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan kó 21%, ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì kan kó 17%, símẹ́ńtì mìíràn kó 12%, ilé-iṣẹ́ epo pupa kó 7%, ti oúnjẹ kó 5%. Ẹ ro wọ́n pọ̀, ó jẹ́ 62%. Símẹ́ńtì méjèèjì nìkan jẹ́ 29%. Àwa ará Ògùn mọ iṣẹ́ símẹ́ńtì dáadáa, Ewékorò ti ń ṣe é láti 1960, Ìbèṣè náà wà níbẹ̀. A mọ̀ pé nígbà tí dísù àti gáàsì bá wọ́n, gbogbo ilé símẹ́ńtì ni ó ń kan, kì í mú ọ̀kan kó fi èkejì sílẹ̀. Tí ìpín ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì méjì yìí bá pàdánù ìdajì iye wọn, tí ohun mìíràn kò sì yí padà, gbogbo fọ́ǹdù á já wálẹ̀ pẹ̀lú 14.5%. Nínú ₦400,000, ₦58,000 nìyẹn. Orúkọ méjì lóòótọ́, ewu kan náà ni.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan níbí. Nínú àwọn ìwé kan, ìdá tí wọ́n kọ sí iwájú orúkọ jẹ́ ti gbogbo fọ́ǹdù. Nínú àwọn mìíràn, ti apá tó jẹ́ ìpín nìkan ni. Tí ìpín bá jẹ́ 70% fọ́ǹdù, tí 21% ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù sì jẹ́ ti apá ìpín yẹn, a jẹ́ pé 14.7% péré ló kó nínú gbogbo owó. Ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ ni ká wo àwòrán róbótó tí wọ́n fi pín owó sí ìpín, súkúkù àti owó tó wà ní báńkì. Tí ìdá àwọn ìpín tí wọ́n kà bá ju gbogbo apá ìpín inú àwòrán náà lọ, a ti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo fọ́ǹdù ni wọ́n fi ṣírò. Kí ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé pẹ̀lú, nítorí ohun tí wọ́n ní ní ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ. Wọ́n lè ti ta ìdajì rẹ̀ kó tó dé orí fóònù wa.

Ìwé Fọ́ǹdù Kejì yàtọ̀. Súkúkù ìjọba àpapọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú owó tó wà ní àwọn báńkì tí kì í gba èlé, irú Jaiz àti TAJBank. Súkúkù ni ìwé tí ìjọba fi ń gba owó kọ́ ọ̀nà, tó sì ń san owó ìyálò fún àwọn tó ra á ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní September 2017, bílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún náírà, ọdún méje, ìyálò rẹ̀ sì jẹ́ 16.47% lọ́dún. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn tí wọ́n fi owó náà ṣe. Ohun tó dára nípa súkúkù ni pé orúkọ rẹ̀ lórí ìwé sábà máa ń sọ fúnni iye tó ń mú wá àti ọdún tí yóò parí. Ká ní a rí èyí:

```
FGN Sukuk 11.20% JUN 2027
```

Èyí tó jáde ní June 2020 nìyẹn, ìyálò rẹ̀ jẹ́ 11.20%, ọdún méje. Kò ní yí padà títí di 2027, ohun yòówù kí ọjà máa sọ. Ẹni tó rí i níbẹ̀ mọ ohun tí apá yẹn nínú fọ́ǹdù lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Kò sí ìdí láti máa retí 40% nínú fọ́ǹdù tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ kún inú rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣèlérí rẹ̀ fún wa, ohun mìíràn wà nínú àpò náà tí wọn kò kọ.

Wàyí o, a lè padà sí nọ́ńbà ńlá òkè. Fọ́ǹdù Kìíní jẹ 41% ní 2024. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, kí ni gbogbo ọjà jẹ lọ́dún kan náà? Òṣùwọ̀n gbogbo ọjà ìpín Èkó gòkè pẹ̀lú 37.65% ní 2024. Nítorí náà èyí tó pọ̀ jù nínú 41% yẹn, atẹ́gùn tó gbé gbogbo ọkọ̀ ló gbé e. Ohun tí àwọn tó ń darí fọ́ǹdù fi kún un kò tó ìdá mẹ́rin. Ìbéèrè kejì ni ọ̀wọ́ngógó. Àjọ ìṣirò ìjọba, kí wọ́n tó tún ọ̀nà ìṣirò wọn ṣe ní 2025, kéde pé nǹkan wọ́n sí i pẹ̀lú 34.80% láàárín December 2023 sí December 2024. Ohun tí a ń ra ní ₦1,000 ti di ₦1,348. Owó tó gòkè láti ₦1,000 sí ₦1,410 fi agbára ìrajà kún nǹkan bí 4.6% péré. Fọ́ǹdù Kejì tó jẹ 14% pàdánù níbi yìí, nítorí ₦1,140 kò lè ra ohun tí ₦1,000 ń rà ní ọdún tó ṣáájú. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má rò pé fọ́ǹdù tí ara rẹ̀ balẹ̀ kò ní ewu tirẹ̀.

Ìbéèrè kẹta ló le jù. Ní ìsàlẹ̀ gbogbo ìwé wọ̀nyí, wọ́n máa ń kọ ọ́ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ pé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn kò ṣèlérí ohun tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kà á sí ọ̀rọ̀ lọ́yà. Ṣùgbọ́n ọjà Èkó ti fi hàn wá bí ó ṣe jẹ́ òótọ́ tó. Ní 2007, òṣùwọ̀n ọjà náà gòkè pẹ̀lú nǹkan bí 74.7%. Ẹ fojú inú wo ìwé àlàyé tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2008 pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn lókè! Àwọn tó yá owó láti ra ìpín lọ́dún yẹn ṣì wà láàárín wa. Ní 2008 ọjà náà já wálẹ̀ pẹ̀lú 45.8%, ní 2009 ó tún já pẹ̀lú 33.8%.

Ẹ jẹ́ ká fi ₦400,000 ìyá wa síbẹ̀ ní ìparí 2007, nínú ohun tó ń lọ bí gbogbo ọjà ṣe ń lọ, láìka ìpín èrè tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san. Ní ìparí 2008 ó ti di nǹkan bí ₦217,000. Ní ìparí 2009, ₦144,000. Ní ìparí 2010, tí ọdún mẹ́ta pé, tí ọmọ fẹ́ wọ yunifásítì, ₦171,000. Ohun tó sì yani lẹ́nu ni pé ìwé àlàyé ọdún 2010 yóò kọ èrè tó dáa sí òkè, nítorí ọjà gòkè pẹ̀lú 18.9% lọ́dún náà. Òótọ́ ni wọ́n kọ. Wọn kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọdún kan péré ni wọ́n sọ, ẹni tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sì ti pàdánù ju ìdajì lọ. Òṣùwọ̀n ọjà náà kò padà sí ibi tó wà ní ìparí 2007 títí di 2023.

Nítorí náà, níbi tí ìwé bá ti ní àtẹ èrè ọdún kọ̀ọ̀kan, ọdún tó burú jù ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ìka tọ́. Ká bi ara wa pé, tí èyí bá ṣẹlẹ̀ ní ọdún tí mo fẹ́ ná owó yìí ńkọ́? Tí ọdún tó burú kò bá sí nínú àtẹ náà rárá, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n dá fọ́ǹdù sílẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kò tíì dàgbà tó láti rí òjò ni. Ẹ tún wò ó bóyá "YTD" ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ èrè. Ìyẹn túmọ̀ sí láti January ọdún náà títí di ọjọ́ ìwé, kì í ṣe oṣù méjìlá gbáko. Ẹ sì wo ohun tí wọ́n fi èrè wọn wé. Fọ́ǹdù tí ìpín ilé-iṣẹ́ kún inú rẹ̀, tó sì ń fi ara rẹ̀ wé owó ìyálò súkúkù, yóò máa borí ní gbogbo ọdún tí ọjà bá dára, láìṣe nǹkan kan.

Kí ni ìyá onídìrẹ wa á wá ṣe? Owó yunifásítì tí kò lè sún síwájú, ọdún mẹ́ta péré: àwa kò rò pé Fọ́ǹdù Kìíní ni àyè rẹ̀, bí 41% rẹ̀ ti ń tàn tó. Fọ́ǹdù Kejì kò ní bá ọ̀wọ́ngógó sáré dọ́gba lọ́dún bíi 2024, ṣùgbọ́n a lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ìgbà tí yóò parí, ìnáwó rẹ̀ sì jẹ́ ìdajì ti èkejì. Tó bá ní owó mìíràn tí kò ní fọwọ́ kàn fún ọdún mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ Kìíní lè yí padà, tí wọ́n bá ti dáhùn ìbéèrè ìnáwó àti ti símẹ́ńtì méjì yẹn.

Ohun kan wà tó jẹ́ ti halal nìkan. Nígbà mìíràn ilé-iṣẹ́ tí fọ́ǹdù ra ìpín rẹ̀ lè rí owó díẹ̀ láti ibi tí kò tọ́, bí èlé báńkì. Fọ́ǹdù máa ń ya iye yẹn sọ́tọ̀, wọ́n á sì fi ṣe ìtọrẹ. Ẹ béèrè bóyá èrè tí wọ́n kọ jẹ́ ti lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ́, kí ẹ má baà ka owó tí kì í ṣe tiyín mọ́ èrè yín. Ó yẹ kí orúkọ àwọn onímọ̀ tó ń bójú tó o wà lórí ìwé náà.

Kí ẹ tó fowó ránṣẹ́, ẹ rí i dájú pé orúkọ fọ́ǹdù náà wà nínú àkọsílẹ̀ tí àjọ SEC máa ń gbé jáde ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí ìkànnì wọn, níbi tí àwọn fọ́ǹdù tó bá Sharia mu ti ní apá tiwọn, pẹ̀lú iye yúnìtì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi iye ibẹ̀ wé ti ìwé tó wà lọ́wọ́ yín ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Kí ẹ sì ní kí ilé-iṣẹ́ náà fi ìwé àlàyé mẹ́ta ránṣẹ́, ti ìsinsìnyí, ti ọdún kan sẹ́yìn àti ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ wo ìlà ìnáwó àti orúkọ márùn-ún tó wà lókè nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.